Bí A Ṣe Ń Gé Ìwé Ọ́dítọ̀ Kúrú Láì Gé Ọ̀rọ̀ Inú Rẹ̀ Sọnù

Nígbà tí ọ́dítọ̀ bá kó ìwé rẹ̀ jáde, àwọn tó sanwó fún un kọ́ ló sábà máa ń kà á tán. Alága á ka ojú ewé àkọ́kọ́, akápò á wá ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba ipò tirẹ̀, wọ́n á wá gbé èyí tó ṣòro jù fún akọ̀wé: kó gé e kúrú fún àwọn tó ń bọ̀ ní ìpàdé ọdọọdún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò ní jókòó ti ojú ewé 58. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ò ju mẹ́ta lọ. Kí ni ọ́dítọ̀ rí? Báwo ni ewu rẹ̀ ṣe tó? Kí ni àwọn aláṣẹ sọ pé àwọn máa ṣe sí i?

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà sí lójú kan. Ohun tí ọ́dítọ̀ rí lè wà lójú ewé 14, kí òǹkà tó gbé e ró wà lójú ewé 51, kí àlàyé ìwọ̀n ewu wà nínú àfikún tó kẹ́yìn pátápátá, kí èsì àwọn aláṣẹ sì jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Ẹni tó ń gé e kúrú ló máa lọ kó wọn jọ. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Kì í ṣe pé akọ̀wé fẹ́ parọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kúrú ló máa ń dùn létí ju bó ṣe rí lọ, kò sì síbi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ tó èsì àwọn aláṣẹ.

Mo to àpẹẹrẹ kan pọ̀ fún wa, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan tí ẹ mọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù òṣìṣẹ́ ni, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 420. Ọ́dítọ̀ yẹ ìwé owó ọdún kan wò, ó sì rí nǹkan 14 tí kò lọ bó ṣe yẹ. Ó pe 2 nínú wọn ní ewu ńlá, 5 ní ewu àárín, 7 ní ewu kékeré. Mẹ́rin péré la máa gbé yẹ̀ wò.

Àwárí tó bá pé máa ń ní nǹkan márùn-ún nínú: ohun tí òfin tàbí ìlànà sọ, ohun tí ọ́dítọ̀ bá nílẹ̀, ohun tó fà á, ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ, àti ohun tí ọ́dítọ̀ ní kí wọ́n ṣe. Àwọn ọ́dítọ̀ kan máa ń fi àkòrí sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìpínrọ̀ gígùn kan. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ mú bírò, kí ẹ fàlà sábẹ́ ohun tí òfin sọ àti ohun tí wọ́n bá nílẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni àwárí. Tí ẹ ò bá rí ohun tí òfin sọ, ẹ máa kà síwájú, torí pé láìsí i, ẹ ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun kan bàjẹ́.

Àwárí àkọ́kọ́ nínú àpẹẹrẹ wa dá lórí owó yíyá. Òfin ẹgbẹ́ sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yá ju ìlọ́po méjì owó tó ti fi pamọ́ lọ, àti pé ìgbìmọ̀ owó yíyá gbọ́dọ̀ jókòó lórí ìwé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ́dítọ̀ mú fáìlì 40, ó rí i pé 11 nínú wọn kọjá ìlọ́po méjì. Owó tó lé jẹ́ ₦3,850,000. Fún 8 nínú 11 yìí, kò sí àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ kankan.

Akọ̀wé tó ń kánjú á kọ báyìí: “Ọ́dítọ̀ rí i pé ó yẹ kí a tún ètò owó yíyá ṣe.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè bi alága ní ìbéèrè kan lórí rẹ̀. Òfin ti pòórá, iye ti pòórá, owó náà ti pòórá. Mo máa ń bẹ̀rù gbólóhùn “ó yẹ kí a tún un ṣe” nínú ìwé kúkúrú, torí ó lè tọ́ka sí owó tó sọnù, ó sì lè tọ́ka sí ilẹ̀kùn tó ń dún.

Akọ̀wé mìíràn á ṣe àṣejù lódì kejì. Ó ti rí 11 nínú 40, ó wá ṣírò pé ó ju ìdá mẹ́rin lọ, ó sì kọ pé ó ju ìdá mẹ́rin àwọn tó yáwó nínú ẹgbẹ́ tó rú òfin. Ọ́dítọ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé àwọn fáìlì tí owó wọn pọ̀ jù ló dìídì mú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ́dítọ̀ ti máa ń ṣe, àwọn tó kù lè mọ́ tónítóní. Tí ó bá jẹ́ pé ńṣe ló ṣa fáìlì láì wojú ẹni, ìyẹn lè fi hàn bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí, síbẹ̀ ọ́dítọ̀ ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Nítorí náà, “11 nínú fáìlì 40 tí wọ́n yẹ̀ wò” ni kó wà nínú ìwé, kí ọ̀rọ̀ “tí wọ́n yẹ̀ wò” má sì jábọ́.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ ṣí àfikún wò. Lójú ewé 51 nínú ìwé tiwa, ọ́dítọ̀ to fáìlì 11 náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì kọ ipò ẹni kọ̀ọ̀kan sí ìkángun kan. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe. Kò sí gbólóhùn kan nípa èyí nínú ìpínrọ̀ àwárí fúnra rẹ̀. Ṣé kó wọ inú ìwé kúkúrú? Lójú tèmi, ó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, torí àwọn tó máa fèsì sí àwárí náà wà lára àwọn tí àwárí náà kàn. Àmọ́ bí ọ́dítọ̀ ṣe kọ ọ́ ni kí ẹ ṣe kọ ọ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà ojú ewé sí i, kí ẹ má fi ẹ̀sùn kankan kún un.

Ìwọ̀n ewu ló kàn. Ọ́dítọ̀ wa fi òǹkà 1 sí 5 wọn bó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ó sì fi 1 sí 5 mìíràn wọn bí ìpalára rẹ̀ ṣe máa tó. Ó fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Ohun tó bá tó 15 sókè ni ewu ńlá, 8 sí 14 ni ewu àárín, ohun tí kò bá tó 8 ni ewu kékeré. Owó yíyá gba 4 àti 4, ó jẹ́ 16. Ọ́dítọ̀ mìíràn lè lo àwọ̀ pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé, òmíràn lè pín in sí ìpele mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ìlà kan fi gbọ́dọ̀ wà lókè ìwé kúkúrú tó sọ ohun tí “ewu ńlá” túmọ̀ sí nínú ìwé yìí, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà lè wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ti èṣí tí ọ́dítọ̀ mìíràn kọ.

Èrò ọkàn ọ́dítọ̀ ni òǹkà yìí, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Ẹnì kan lè sọ pé ó yẹ kí ìpalára jẹ́ 3, kí nǹkan náà sì bọ́ sí 12, ìyẹn ewu àárín. Kò burú láti rò bẹ́ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó ń gé ìwé kúrú kọ́ ló máa yí i. Tí àwọn aláṣẹ bá ta ko ìwọ̀n tí ọ́dítọ̀ fún un, ẹ kọ méjèèjì: ti ọ́dítọ̀ àti ti àwọn aláṣẹ. Ohun kan tún wà tí mo ti rí tó pa mí lẹ́rìn-ín, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdájú fún gbogbo ìwọ̀n pọ̀: ewu ńlá díẹ̀, ewu kékeré púpọ̀, wọ́n pín in, wọ́n ní gbogbo ẹgbẹ́ wà ní “ewu àárín.” Owó ₦3,850,000 kò kéré sí i torí pé àga ọ́fíìsì méje ò ní nọ́ńbà lára.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé kí wọ́n dín ìwọ̀n ewu kù nítorí pé àwọn aláṣẹ ti ṣèlérí. Ìwọ̀n náà ń sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tí ọ́dítọ̀ wò ó. Ìlérí kò tíì yí i padà. Àyẹ̀wò tí ọ́dítọ̀ bá padà wá ṣe ló lè yí i.

Wàyí o, èsì àwọn aláṣẹ. Lórí owó yíyá, wọ́n kọ̀wé pé àwọn gba ohun tí ọ́dítọ̀ sọ, àti pé àwọn máa rí i dájú pé irú rẹ̀ ò wáyé mọ́. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé á kọ “wọ́n gbà” sí àyè èsì, wọ́n á sì kọjá lọ. Ẹ dúró kí ẹ bi èsì náà ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni wọ́n máa ṣe gan-an? Ta ló máa ṣe é? Ìgbà wo ni yóò parí? Èsì yìí ò dáhùn ọ̀kankan. Èyí tó tún burú jù ni pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú nìkan ló sọ. Owó ₦3,850,000 tó ti jáde ńkọ́? Ṣé wọ́n máa gbà á padà, tàbí wọ́n máa fún àwọn tó yá a ní àkókò, tàbí wọ́n máa lọ bẹ ìpàdé kó fọwọ́ sí i? Èsì náà dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn jẹ́ apá kan nínú èsì, ó sì gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé kúkúrú.

Ẹ fi wé èsì sí àwárí kejì. Odindi oṣù 7 ni ẹgbẹ́ ò fi ìwé owó tirẹ̀ wé ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́. Nígbà tí ọ́dítọ̀ fi wọ́n wéra, ìyàtọ̀ ₦612,400 yọ. Ìwọ̀n ewu jẹ́ 5 àti 3, ìyẹn 15, ewu ńlá. Akápò fèsì pé òun ti fi ìwé méjèèjì wéra títí dé oṣù tó kẹ́yìn, pé ₦540,000 nínú owó náà jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì tí àwọn tó gbà á ò tíì mú lọ sí báńkì, pé ₦72,400 ṣì wà tí òun ń tọpasẹ̀, àti pé yóò parí ní 30 oṣù kẹsàn-án. Èsì rèé. Ó ní iṣẹ́ nínú, ó ní ẹni tó ń ṣe é, ó ní ọjọ́, ó sì jẹ́wọ́ ohun tí kò tíì mọ̀. Nínú ìwé kúkúrú, ẹ má kọ “wọ́n ti yanjú rẹ̀.” Ẹ kọ pé ₦72,400 ṣẹ́ kù. Ẹ sì wò ó bóyá ọ́dítọ̀ fúnra rẹ̀ rí àwọn ṣẹ́ẹ̀kì náà, àbí akápò ló sọ ọ́. Tí ó bá jẹ́ akápò nìkan ló sọ ọ́, ẹ fi “akápò sọ pé” ṣáájú rẹ̀.

Àwárí kẹta ni pé akápò yìí kan náà ló ń gba owó, òun ló ń kọ rìsíìtì, òun náà ló ń kọ ọ́ sínú lẹ́jà. 3 àti 4, ó jẹ́ 12, ewu àárín. Àwọn aláṣẹ ò gbà. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn ò pọ̀, àwọn ò sì lè gba ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti kọ̀, ẹni tó ń gé ìwé kúrú ò sì gbọ́dọ̀ sọ kíkọ̀ wọn di gbígbà kí ìwé lè dára lójú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn mọ ewu náà, àwọn sì ń gbé e bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni owó, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ ní gbangba. Tí ọ́dítọ̀ bá sì ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sábẹ́ èsì wọn, bí àpẹẹrẹ pé ọmọ ìgbìmọ̀ mìíràn lè máa yẹ rìsíìtì wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ láì gba òṣìṣẹ́ kankan, ẹ fi ìlà yẹn kún un.

Ẹ ti lè rí i pé àwárí kẹta yìí ló wà nídìí ìkejì. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta ò ráyè fi ìwé báńkì wé ti ẹgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa bi í. Ohun tó ń fa nǹkan ni ọ̀pọ̀ ìwé kúkúrú máa ń gé sọnù kí àyè lè gbà wọ́n. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdánù jù. Tí ọ́dítọ̀ bá kọ ìdí kan náà sábẹ́ àwárí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, kódà tí ìwọ̀n ewu wọn bá yàtọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Àwọn aláṣẹ gbà láti wo ìdọ̀tí, wọ́n kọ̀ láti wo ihò tó ń gbà wọlé: ọmọ ẹgbẹ́ tó bá rí i báyìí á mọ ìbéèrè tó máa bi.

Ìkẹrin kò gba àkókò. Àga àti tábìlì ọ́fíìsì ò ní nọ́ńbà, ewu kékeré. Èsì àwọn aláṣẹ sí i gùn ju èsì mẹ́ta tó ṣáájú lọ, wọ́n tilẹ̀ so fọ́tò mọ́ ọn. Mo ti kíyè sí i pé èsì máa ń gùn níbi tí iṣẹ́ ò ti wúwo. Ẹ má jẹ́ kí gígùn rẹ̀ gba àyè àwọn tó kù: “wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí i” ti tó.

Báyìí ni àwárí àkọ́kọ́ ṣe lè rí nínú ìwé kúkúrú:

Àwárí: Nínú fáìlì 40 tí wọ́n yẹ̀ wò, 11 yá ju ìlọ́po méjì owó tí wọ́n fi pamọ́, tí òfin ẹgbẹ́ gbà, lọ. Àlékún rẹ̀ jẹ́ ₦3,850,000. Fún 8, kò sí àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀. 4 jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe (ojú ewé 14 àti 51).
Ìwọ̀n ewu: Ńlá (16).
Èsì: Wọ́n gbà. Wọ́n ní irú rẹ̀ ò ní wáyé mọ́. Wọn ò dárúkọ ẹni tó máa rí sí i, wọn ò dá ọjọ́, wọn ò sì sọ ohunkóhun nípa owó tó ti jáde.

Ó dá mi lójú pé inú alága ò ní dùn sí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ẹ fi hàn án kí ìpàdé tó dé. Tí ó bá ní ọjọ́ tó fẹ́ dá, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ́dítọ̀, ẹ ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú déètì tó dé, láì pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Kí ẹ sì rí i dájú pé ìwé tó kẹ́yìn lẹ gé kúrú. Ọ́dítọ̀ máa ń kọ́kọ́ fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kí àwọn aláṣẹ lè fèsì, lẹ́yìn náà ló máa wá ṣe èyí tó kẹ́yìn, nígbà mìíràn á sì ti yọ àwárí kan kúrò torí wọ́n ti fi ìwé hàn án. Tí méjèèjì bá wà nínú fáìlì kan náà, déètì ara wọn ni ẹ máa wò.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé tó tóbi ju èyí lọ dánra wò lè wá ìwé ọdọọdún Ọ́dítọ̀ Àgbà fún Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà. Abala 85 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin méjèèjì láàárín ọjọ́ 90 tó bá ti gba ìṣirò owó lọ́wọ́ Akáǹtáńtì Àgbà, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìnáwó ìjọba sì yẹ̀ ẹ́ wò. Abala 125 ló sọ ti ìpínlẹ̀. Nínú àwọn ìwé rẹ̀ tó jáde láìpẹ́ yìí, ẹ ó rí àwárí, ewu, èsì àwọn aláṣẹ àti àbá lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi ewu. Ńṣe ni wọ́n ka ohun tó lè ṣẹlẹ̀, bíi kí owó ìjọba sọnù tàbí kí wọ́n sanwó fún iṣẹ́ tí wọn ò ṣe. Wọn ò wọn ewu náà sí ńlá tàbí kékeré. Ẹni tó bá ń gé e kúrú ò gbọ́dọ̀ fi “ewu ńlá” tirẹ̀ sí i bí ẹni pé Ọ́dítọ̀ Àgbà ló sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ tò wọ́n, ẹ fi iye owó tò wọ́n, kí ẹ sì sọ pé ẹ̀yin lẹ tò wọ́n. Ẹ ó tún bá ibi tí iléeṣẹ́ ìjọba kan ò ti fèsì rárá pàdé. “Kò sí èsì” ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Àìfèsì kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbà, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n jẹ̀bi.

Ó ku àwọn ewu kékeré. Ọ́fíìsì àyẹ̀wò UNDP, àjọ ìdàgbàsókè lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kì í fi àbá tí ewu rẹ̀ kéré sínú ìwé tó ń gbé jáde. Wọ́n máa ń bá àwọn aláṣẹ yanjú rẹ̀ níkọ̀kọ̀, àmọ́ wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe. Ẹ̀yin náà lè fi 7 tiwa sílẹ̀, ká sì gbájú mọ́ 7 tó kù. Ẹ kàn kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ìwé: “Àwárí 7 mìíràn tí ewu wọn kéré wà lójú ewé 37 sí 44, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.” Kí ẹ tó kọ ìlà yẹn, ẹ wò ó bóyá ọ́dítọ̀ kọ ọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn pé òun ti sọ ọ́ léṣìí. Èyí tí wọ́n bá ti sọ léṣìí tí kò sì yí padà, ẹ mú un jáde láàárín àwọn 7 náà, kí ẹ kọ ọ́ sókè pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ìwọ̀n ewu rẹ̀ sì wà bí ọ́dítọ̀ ṣe fi í sílẹ̀.